Ìbéèrè lórí púrúùfù √2, fún ẹni tó yé àti ẹni tó kàn há a sórí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o gbogbo kíláàsì. Tẹ́ẹ̀sì yìí ò ní bi yín pé kí ẹ kọ púrúùfù náà jáde, torí ìyẹn ẹ ti ṣe é, gbogbo yín lẹ sì gbà á, kódà ẹni tó fo láìnì kan láàárín ṣì fi ìdánilójú kọ "ó parí" sí ìsàlẹ̀ pépà ẹ̀. Púrúùfù ọ̀hún ló wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ gbé e síwájú, kò sídìí láti há nǹkan kan sórí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí láìnì kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

(1) Ká ní √2 jẹ́ ìdá, ìyẹn ni pé √2 = m/n, tí m àti n jẹ́ nọ́ńbà odidi, n ò sì kí ń ṣe 0. Ká tún ní a ti dín ìdá náà kù dópin, kò sí nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó lè pín m kó tún pín n láìṣẹ́kù.
(2) Torí náà m² = 2n².
(3) Torí náà 2 pín m² láìṣẹ́kù.
(4) Torí náà 2 pín m láìṣẹ́kù, ká pe m ní 2k.
(5) Torí náà 4k² = 2n², ìyẹn n² = 2k².
(6) Torí náà 2 pín n náà láìṣẹ́kù.
(7) Èyí ta ko láìnì 1. Torí náà √2 ò lè jẹ́ ìdá.

Ìbéèrè 1. Ẹ fi bírò fa igi lé gbólóhùn "a ti dín ìdá náà kù dópin" àti ohun tó tẹ̀ lé e nínú láìnì 1, kí ẹ wá ka ìyókù lọ bó ṣe wà. Láìnì wo ló kọ́kọ́ wó? Ọmọ kan sọ pé láìnì 4 ni, òmíràn ní gbogbo ẹ̀ ló wó látòkè. Ẹ dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ẹ tún sọ fún mi, ta ló fún wa láyè láti gbà pé ìdá náà ti dín kù dópin ná? Bí ẹnì kan bá gbé 14/10 wá tó ní òun ò fẹ́ dín in kù, ṣé púrúùfù wa ò ní mú tiẹ̀ ni?

Ìbéèrè 2. Láti láìnì 3 bọ́ sí 4. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín ti sáré kọjá. Ẹnì kan kọ ọ́ báyìí: "Tí 2 bá pín m, ó máa pín m² náà, torí náà láìnì 4 tọ̀nà." Ohun tó sọ yẹn, òótọ́ ni. Ṣé òun ni láìnì 4 nílò ṣá? Ẹ sọ ohun tó fi hàn gan-an, kí ẹ sọ ohun tó yẹ kó fi hàn, kí ẹ wá fi hàn fúnra yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí m = 2j + 1, kí ẹ wo ohun tí m² máa ṣẹ́kù tí a bá fi 2 pín in.

Ìbéèrè 3. Èyí ló ní máàkì jù, ẹ fara balẹ̀. Ẹ da púrúùfù náà kọ látòkè délẹ̀, àmọ́ ibi tí 2 ti wà lábẹ́ rúùtù, ẹ fi 4 síbẹ̀, kí ẹ máa yí àwọn láìnì tó kù padà bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá kàn ń dà á kọ, ẹ máa parí ẹ̀ sí pé √4 kì í ṣe ìdá, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé 2 ni √4. Nǹkan kan ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà nìyẹn.

(a) Láìnì wo ló bàjẹ́? Mi ò fẹ́ "kò ṣiṣẹ́ fún 4", ẹ fún mi ní nọ́ńbà kan pàtó tó ba láìnì yẹn jẹ́.

(b) Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú √6. Ṣé ó dúró? Kí ni 6 ní tí 4 ò ní?

(d) Ẹ wá ṣe é pẹ̀lú √12. Ẹ wo m = 6: m² jẹ́ 36, 12 pín 36 láìṣẹ́kù, àmọ́ kò pín 6. Láìnì 4 ti lọ nìyẹn. Ọmọ kan wá kọ pé, "Torí náà √12 jẹ́ ìdá." Kí lẹ máa sọ fún un? Tí ẹ bá rò pé √12 kì í ṣe ìdá, ẹ tún púrúùfù náà ṣe kó lè dúró (ẹ fi 3 dán an wò dípò 12 látorí láìnì 3 lọ, mi ò ní sọ jù báyẹn lọ).

Ìbéèrè 4. Pépà ẹnì kan rèé, kò tọ ọ̀nà tiwa rárá: "m² = 2n². Tí a bá fọ́ nọ́ńbà sí práìmù, iye 2 tó wà nínú m² máa ń ṣe é pín sí méjì. Iye 2 tó wà nínú 2n² kì í ṣe é pín sí méjì. Torí náà wọn ò lè dọ́gba láé." Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú n = 3 àti n = 4, kí ẹ ka iye 2 tó wà nínú 18 àti nínú 32. Ó ti tó? Ẹ wá sọ fún mi bóyá ó lo "a ti dín ìdá náà kù dópin" níbì kankan. Tí kò bá lò ó, kí ló gbára lé tí kò sọ síta?

Ìbéèrè 5. Fóònù gbé √2 jáde ní 1.414213562. Ẹnì kan ní ó ti parí nìyẹn, ìdá ni, 1414213562/1000000000. Láìfi fóònù ṣe ìsírò kankan, ẹ fi hàn pé tí a bá sọ nọ́ńbà yẹn di ìlọ́po ara ẹ̀, kò lè jẹ́ 2 géérégé. Ẹ ṣáà wo díjíìtì tó kẹ́yìn. Ẹ tún fi hàn pé kò sí dẹ́símà tó máa ń tán níbì kan tó lè jẹ́ √2. Ó dáa, ṣé ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn yìí ti tó láti sọ pé √2 kì í ṣe ìdá? Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ẹ rántí 1/3.

Ìbéèrè 6. Èyí kúrò lórí √2, púrúùfù Yúkílídì ni, èyí tó ní práìmù ò lópin: kó práìmù tó o ní jọ, sọ wọ́n di ìlọ́po, fi 1 kún un. Ẹnì kan ṣe 2 × 3 × 5 × 7 × 11 × 13 + 1, ó gba 30031, ó wá rí i pé 59 × 509 ni, ló bá pariwo pé púrúùfù náà ti bàjẹ́ torí 30031 kì í ṣe práìmù. Ṣé púrúùfù náà sọ pé ó máa jẹ́ práìmù ni? Ẹ sọ ohun tó sọ gan-an, kí ẹ wá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí a bá fi 2 kún un dípò 1.

Ẹ má kọ ju ojú ìwé méjì lọ o. "Torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́", òdo ni mo máa fún un, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ ìkọ̀wé yín dáa bíi ti ìwé tí wọ́n tẹ̀.