Kí ló ń wó ìjọba ńlá? Ìdáhùn láti inú ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé

Ọ̀tá ìta kọ́ ló kọ́kọ́ ba Ọ̀yọ́-Ilé jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìjọba náà wó nítorí pé okùn tó so Aláàfin, Ọ̀yọ́ Mèsì àti àwọn ológun pọ̀ já látinú ilé. Àwọn ọ̀tá tó wá lẹ́yìn náà bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí ni.

Aláàfin ló làṣẹ, ṣùgbọ́n bó bá ṣi agbára lò, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ̀ ọ́ lọ́ba, kó sì di dandan kó kú. Ohun ìṣọ́ra ni òfin yìí. Láti 1754, Baṣọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, sọ ọ́ di ohun ìjà: ó ń fọba jẹ, ó sì ń pa wọ́n bó ṣe wù ú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ káàkiri ìgbèríko. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, ààfin gba agbára padà, ṣùgbọ́n ológun kò rí ìtọ́jú. Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ní 1783. Ẹ̀gbá náà, lábẹ́ Líṣàbí, já ara wọn gbà.

Ẹ̀rí tó wúwo jù lójú mi ni ti Aláàfin Awólẹ̀. Ó rán àwọn ọmọ ogun lọ sí Ìwéré-Ilé, ìlú orí òkè tó ṣòro gbà. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, rí i pé ikú ni wọ́n rán òun lọ bá. Dípò kí wọ́n ja ìlú náà, ńṣe ni àwọn ológun yíjú padà sí ọba tó rán wọn. Awólẹ̀ kú ní nǹkan bí 1796, Àfọ̀njá sì di Ìlọrin mú fún ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Aláàfin ò ní ẹni tó lè rán níṣẹ́ ogun mọ́.

Àwọn kan á ní jíháàdì ló pa Ọ̀yọ́. Ẹ wo ọdún wọn: 1804 ni ti Ṣókótó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àfọ̀njá ti kẹ̀yìn sí Aláàfin tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Álímì, àlùfáà mùsùlùmí tó jẹ́ Fúlàní, wá, tó sì ní kí àwọn ẹrú Haúsá wá jà fún òun kí wọ́n lè dòmìnira, ní nǹkan bí 1817. Àwọn tó pè yìí ló padà pa á, tí wọ́n sì gba Ìlọrin. Ní àsìkò kan náà, Gẹ́zò ti Dàhómì kọ̀, kò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, mo gbà pé Ìlọrin ló pa Ọ̀yọ́ lójú ogun, àmọ́ ìyapa ló ti tú u nílé. Ogun ìkẹyìn pàápàá jẹ́rìí sí i. Nígbà tí Aláàfin Olúewu bá Ìbàrìbá lọ kọlu Ìlọrin ní nǹkan bí 1836, àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ kan ló fi í sílẹ̀ lójú ìjà.