Lẹ́tà sí Bàbá Onílé Lórí Jẹnẹrétọ̀ Abẹ́ Fèrèsé Wa

Fúláàtì òkè, apá ọ̀tún,
Básìrì, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ 10, Oṣù Kẹta, 2025.

Sí Bàbá Onílé wa,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ẹ̀yin Bàbá wa,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ BÁ WA DÁ SÍ Ọ̀RỌ̀ JẸNẸRÉTỌ̀ TÓ WÀ NÍ KỌ̀RỌ̀ ẸGBẸ́ ILÉ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Bàbá, ẹ sì kú oòrùn tó mú yìí. A dúpẹ́ pé ara Màmá ti ń le. Dárà ò yéé béèrè ìgbà tí wọ́n máa wá. Mi ò bá ti pè yín lórí fóònù, àmọ́ ẹ ti sọ fún gbogbo wa lọ́jọ́ tá a gba kọ́kọ́rọ́ pé ohun tó bá ti kan ilé, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ àwọn Ìyá Ẹlẹ́ja nísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Iwájú ilé ni wọ́n ń gbé e sí tẹ́lẹ̀, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí olè gbé ti ilé kejì lọ, ọkọ wọn gbé e wọ kọ̀rọ̀ tó wà láàárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì, wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ irin fèrèsé wọn. Ẹni tó bá ṣọ́ ohun ìní rẹ̀ ò ṣẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ kọ̀rọ̀ yẹn, Bàbá: èèyàn méjì ò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má fẹ̀gbẹ́ rìn. Fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ mi ń sùn sí ló sì wà lókè rẹ̀ gan-an. Èéfín ò ríbi gbà ju òkè lọ. Ariwo náà á lu ògiri, á lu fẹ́ǹsì, á tún padà wá bá wa. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti jó, ó ti dá ihò. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa pariwo kí ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú yàrá tó gbọ́ yín.

Ẹja tútù ni wọ́n ń tà, fírísà ò sì gbọdọ̀ gbóná, ó yé mi. Tí iná bá ti lọ nírọ̀lẹ́, wọ́n á tan án, ìgbà míì ó máa ń kọjá aago méjìlá òru. Nínú ooru Oṣù Kẹta yìí, tá a bá ti fèrèsé, òógùn ò ní jẹ́ ká sùn; tá a bá ṣí i, èéfín ni. Kọ́tìnì funfun tí mo rà lọ́jà Ọba ti di ti alágbẹ̀dẹ. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ẹ̀fọ́rí ni àwọn ọmọ fi ń jí. Lọ́jọ́ kan Dárà bì kó tó wọ aṣọ ilé ìwé, a rò pé ibà ni, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, kò sí ibà. Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi mí lẹ́yìn ìyẹn ni pé ṣé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibi tó ń sùn.

Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, èmi kọ́ ni màá ṣàlàyé kábọ́ònù mọnọ́ksáìdì fún yín. Ẹ mọ̀ pé kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Èéfín dúdú tá à ń rí, tá à ń bú, kọ́ ló ń pa èèyàn lójú oorun. Fáànù ò lè lé e. Títi fèrèsé náà ò dá a dúró pátápátá, torí ó ń gba ẹsẹ̀ fèrèsé wọlé. Ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó mítà 6, ó kéré tán, kí ẹnu sàlẹ́ńsà sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Èyí tó wà lábẹ́ wa ò jìnnà tó mítà 3.

Mo ti lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ja fúnra mi. A ò jà. Ọmọlúàbí obìnrin ni, ìgbà tí mo bímọ, ẹja tó gbé wá kì í ṣe kékeré. Ohun tí wọ́n sọ ni pé olè ń bẹ, wáyà ò dé ẹ̀yìnkùlé, àti pé Bàbá onílé rí i níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá ṣe òrùlé, wọn ò sọ nǹkan kan. Lójú tiwọn, ẹ ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ẹnu yín nìkan ló lè tú u.

Ibi tí mo rò pé ó dáa jù ni ẹ̀yìn ilé nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ àtijọ́. Bàbá Ìbùkún fi téèpù wọ̀n ọ́n: mítà 14 ló wà láàárín ibẹ̀ àti fèrèsé tó sún mọ́ ọn jù. Ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ ló wà lódìkejì fẹ́ǹsì, ẹnu sàlẹ́ńsà á lè kọjú síbẹ̀. Ní ti olè, mo ti bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀ ní Ajílọ́sùn. Ó ní ₦60,000 lòun máa fi ṣe àgò onírin tó ní ibi àgádágodo, tí wọ́n á de irin rẹ̀ mọ́ kọnkéré. Páànù ni a ó fi bò ó lórí nítorí òjò, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní ṣíṣí kó lè máa mí. Èmi àti Bàbá Ìbùkún á san ìdajì owó àgò náà. Kí Ìyá Ẹlẹ́ja ra wáyà tó nípọn, kí wọ́n sì pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Lọ́dọ̀ tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè láti da kọnkéré síbẹ̀, ká sì lo búlọ́ọ̀kù díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé.

Ọ̀rọ̀ òru náà kù. Fírísà tó kún, tí wọn ò ṣí, lè mú tútù rẹ̀ dání fún nǹkan bíi wákàtí 48. Ìyá Ẹlẹ́ja mọ èyí jù mí lọ. Tí wọ́n bá ń pa á ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹja ò ní bàjẹ́, àwa náà á sùn.

Mi ò ní kí ẹ lé ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ di ẹni tó lọ pe wolé-wolé wá sínú ilé yín. Tí ẹ bá ráyè, ẹ yà lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, ẹ gun òkè wá, kí ẹ dúró ní yàrá àwọn ọmọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹ tó wá, ẹ bá mi pe ọkọ Ìyá Ẹlẹ́ja, kí wọ́n ṣì máa gbé e síwájú ilé bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá Ìbùkún ní òun á máa bá wọn gbé e padà tí wọ́n bá ti pa á tó sì ti tutù. Mo fẹ́ kí àgò náà ti wà nílẹ̀ kí Àjíǹde tó dé, torí ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe máa ń kún lásìkò náà.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Dárà.

Bàbá Ìbùkún, fúláàtì òkè apá òsì, ti ka lẹ́tà yìí, wọ́n sì fọwọ́ sí i.