Ìlà Kejì

Aago 6 ku díẹ̀ ni Bísí fi ìgúnpá gún mi léjìká, ó ní "Akin, dìde jọ̀ọ́, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́." Mi ò kúkú sùn. Látìgbà tó ti ra tẹ́ẹ̀sì oyún yẹn wálé lálẹ́ àná tó fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí loorun ti dá lójú mi, oníkẹ́míìsì ló ní ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kó lò torí òun ló máa ń ki jù, la bá ní láti dúró kílẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ yẹn ò tètè mọ́ rárá.

Oṣù 14 rèé tá a ti ṣègbéyàwó. Nǹkan oṣù Bísí kì í yẹ̀, tó bá ti dé báyìí á lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, kò ní sọ̀rọ̀, èmi náà ò ní bi í, màá kàn jáde lọ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wá fún un, a óò jọ jẹ ẹ́ láìsọ nǹkan kan. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó ti fi ọjọ́ 9 kọjá. Mo ń ka ọjọ́ yẹn sínú bí ẹni ń ka owó olówó.

Màmá mi ní Ìsẹ́yìn kì í jẹ́ kí àárọ̀ Sọ́ńdè kọjá kí wọ́n tó pè. Wọn ò ní béèrè tààrà o, wọ́n á ní "Ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé ara ẹ̀ le? Ṣé ó ń jẹun?" Bísí á dá wọn lóhùn dáadáa, á tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, tó bá ti wá gbé fóònù sílẹ̀ tán, á lọ máa fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn máa ń dùn mí ju kó sunkún lọ. Sọ́ńdè sì lòní.

Yàrá kan la rẹ́ǹtì ní Mọ́kọ́lá, àwa àtàwọn ará ilé la jọ ń lo bálùwẹ̀, torí náà abẹ́ ìró ló fi ike ìtọ̀ náà sí wọlé kẹ́nikẹ́ni má bàa rí i. Nẹ́pà ti mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí i, ó ki tẹ́ẹ̀sì náà bọ̀ ọ́, kò jẹ́ kó kọjá ibi tí wọ́n kọ MAX sí, ó wá tẹ́ ẹ sórí ìdérí agolo mílíìkì. Ìṣẹ́jú 5. Ló bá kẹ̀yìn sí i, ó dojú kọ ògiri.

"Ìwọ wò ó. Mi ò lè wò ó."

Ìlà kan kọ́kọ́ pọ́n jáde. Ìyẹn máa ń jáde ṣáá ni, òun ló ń fi hàn pé tẹ́ẹ̀sì náà ò bàjẹ́. Ìkejì ni kókó.

"Akin, tí kò bá sí ńkọ́?"

"A ó tún ra òmíì tó bá tún di ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Kì í ṣe ohun tí mò ń bi ẹ́ nìyẹn."

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun fúngbà díẹ̀, mo wá ní "Àjíkẹ́, ìwọ ni mo fẹ́. Ọmọ, àwa méjèèjì la jọ ń retí ẹ̀." Kò dáhùn, ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, mo dì í mú, ọwọ́ náà tutù bí omi àmù.

Ìṣẹ́jú 3, ìlà kan. Ìṣẹ́jú 4, mo rí nǹkan kan tó fẹ́lẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe é. Mo fa báàgì iṣẹ́ mi, mo mú awò tí mo fi ń wo bọ́ọ̀dù fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, mo kì í bọ ojú.

"Kí lò ń fi ìyẹn ṣe? Akin? Sọ̀rọ̀ o!"

"Bísí, yíjú padà."

Ó wo tẹ́ẹ̀sì, ó wo ojú mi, ó gba awò lọ́wọ́ mi ó fi wò ó fúnra ẹ̀. Mo sáré ka ìwé inú páálí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní bó ti wù kí ìlà kejì fẹ́lẹ́ tó, ìlà ni. Mo ka ibẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bísí fi ìró bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún, mo ṣáà gbá a mọ́ra.

"Lọ́la a máa lọ láàbù, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wò ó," ló ń sọ sí mi láyà. "Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ibẹ̀ la wà tí fóònù ẹ̀ dún. Màmá.

Ó nu ojú, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, bí wọn ò tiẹ̀ rí i. "Ẹ káàárọ̀ mà. A dúpẹ́ mà. Ara mi le mà. Mò ń jẹun dáadáa mà." Ọwọ́ ẹ̀ kejì wà nínú tèmi ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sì tutù mọ́.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, abọ́ alẹ́ àná ṣì wà nínú báfù. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi awò mi lé orí ìrọ̀rí, ó sùn.