Lẹ́tà sí àwọn ayálégbé: àfikún owó ilé

Ẹ̀yin ayálégbé mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, mo máa fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ilé. Òrùlé tí a pààrọ̀ àti ẹ̀rọ omi tuntun ló fà á; ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti fi kún un gbẹ̀yìn.

Ẹni tó ń san 200,000 lọ́dún, ẹ pín in sí ọ̀nà 100, ẹ ó rí 2,000. Ìlọ́po 15 rẹ̀ jẹ́ 30,000. Ó di 230,000. Oníyàrá méjì tó ń san 360,000 yóò fi 54,000 kún un, ó di 414,000. Owó iná kò sí níbẹ̀ o.

Ẹni tó ti san owó ọdún rẹ̀ kò ní san àfikún títí ọdún náà yóò fi pé.

Èmi onílé yín