Géèmù oṣù tó ń bọ̀

Ẹ̀yin tèmi, mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ nípa géèmù tá a máa jọ gbá lóṣù tó ń bọ̀, tèmi ni pé ká gbá Among Us, torí ẹni tó ní fóònù nìkan, ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù àtijọ́, àtẹni tó ní Switch, yàrá kan náà ni gbogbo wa máa wọ̀. Ó ń gba èèyàn 4 sí 15. Ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù, ìpolówó á kàn máa yọjú, àmọ́ ti kọ̀ǹpútà, ẹ máa rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ Fortnite, mo gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù àwọn kan á gbóná bí ààrò ni. Mo máa fi kóòdù lẹ́tà 6 tẹ́ ẹ máa fi wọ yàrá náà ránṣẹ́, ẹ ṣáà ti ṣe àpúdéètì géèmù náà kẹ́ ẹ tó dé. Ẹni tí wọ́n bá pa nínú géèmù, jọ̀ọ́, pa máìkì ẹ!