Ètò Ìdánwò Lórí Àkọlé Ìròyìn àti Ìgbàgbọ́ Òǹkàwé ní Ilẹ̀ Òkun

Ìbéèrè wa ni bóyá ọ̀nà tí a gbà kọ àkọlé lè mú kí ènìyàn gba ìròyìn kan gbọ́ ju bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe yẹ kó mú un gbà á lọ. A ó ṣe ìdánwò náà ní Kábà, Mopà àti Ìsánlú, ìlú mẹ́ta ní Ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láàrin àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 18, tí wọ́n sì lè ka Yorùbá.

Gbogbo wọn ni yóò ka ìròyìn kúkúrú kan náà, tí a kọ fún ìdánwò yìí, pé àwọn àgbẹ̀ kan po ewé dóńgóyárò tí wọ́n lọ̀ mọ́ ẹ̀wà, kòkòrò sì dínkù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì dán an wò níbi púpọ̀. Àkọlé nìkan ló yàtọ̀. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní yóò rí «Ewé Dóńgóyárò Ń Lé Kòkòrò Kúrò Nínú Ẹ̀wà», ẹgbẹ́ kejì yóò rí «Ǹjẹ́ Ewé Dóńgóyárò Ń Lé Kòkòrò Kúrò Nínú Ẹ̀wà?», ẹgbẹ́ ìfiwéra yóò sì rí «Ìròyìn Lórí Ìtọ́jú Ẹ̀wà», èyí tí kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ènìyàn 220 ni yóò wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ẹgbẹ́ méjèèjì wé ẹgbẹ́ ìfiwéra ní ìwọ̀n àṣìṣe 0.025, iye yìí tó fún wa láti rí ìyàtọ̀ tó tó 0.3 òṣùwọ̀n ìtúká, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìdáhùn àwọn ènìyàn ṣe fọ́n ká tó, pẹ̀lú àǹfààní 80 nínú 100. Kèké ni yóò pín wọn, inú àpòòwé tí a lẹ̀ pa ni ìwé yóò sì wà, kí olùbéèrè má bàa mọ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni wà. Ẹnì kan ṣoṣo la ó mú nínú agboolé kan, nítorí àwọn ará ilé kan náà yóò sọ ohun tí wọ́n kà fún ara wọn.

Lẹ́yìn kíkà, olùbéèrè yóò fún olùkópa ní hóró àgbàdo 10 àti abọ́ kan, yóò sì fi èdè ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe Owé tàbí Ìyàgbà, ní kó kó hóró sínú abọ́ bí ó ṣe gbà tó pé dóńgóyárò ń lé kòkòrò. Abọ́ òfìfo túmọ̀ sí pé kò gbà rárá. Olùbéèrè yóò kọ ẹ̀yìn sí i títí yóò fi ṣe tán, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fẹ́ já àlejò kulẹ̀.

Ìgbà tí a bá ti kọ iye hóró sílẹ̀ nìkan ni àyẹ̀wò bóyá àkọlé wọ̀ wọ́n létí yóò tẹ̀ lé e. Bí a bá ṣe é ṣáájú, ìbéèrè wa fúnra rẹ̀ yóò pe ọkàn wọn sí àkọlé. Olùkópa yóò mú àkọlé tí ó rí láàrin mẹ́rin, yóò sì sọ bóyá ó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, ó béèrè ni, tàbí kò ṣe èyíkéyìí. A kò ní yọ ẹni tó ṣì í kúrò nínú ìṣirò pàtàkì, nítorí àkọlé fúnra rẹ̀ lè pinnu ẹni tí yóò rántí, yíyọ wọ́n yóò sì ba ohun tí kèké ṣe jẹ́. Ìṣirò kejì, tí yóò yọ wọ́n, yóò wà lọ́tọ̀.

Kí olùbéèrè tó kúrò, yóò ṣàlàyé pé a kọ ìròyìn náà fún ìdánwò ni, yóò sì gba ìwé náà padà kí ó má bàa dé ọjà.