Ìdáhùn sí fọ́tò ìbéèrè mẹ́ta lórí eré, ọ̀nà àti àkókò

Àkànkẹ́, mo ti rí fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o fi ránṣẹ́. Fọ́múlà tí o lò tọ̀nà níbi gbogbo: eré = ọ̀nà ÷ àkókò. Òṣùwọ̀n ló dà ọ́ láàmú. Mo da ọ̀rọ̀ inú fọ́tò kọ síbí, kí o lè rí ibi tí ẹni tó ṣe ìbéèrè fi í pa mọ́ sí.

Ìbéèrè 1. *Reluwé kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 240 m ń sáré 72 km/h. Ó fẹ́ kọjá lórí afárá kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 0.36 km. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni yóò lò kí gbogbo ara rẹ̀ tó kúrò lórí afárá náà?*

O ro 240 pọ̀ mọ́ 0.36, o sì fi 72 pín in. O rántí pé reluwé gbọ́dọ̀ rin gígùn afárá àti gígùn ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í rántí ìyẹn, o káre. Ṣùgbọ́n mítà ni 240, kìlómítà ni 0.36, wákàtí ló wà nínú 72, ìṣẹ́jú-àáyá sì ni wọ́n béèrè. Sọ gbogbo rẹ̀ di mítà àti ìṣẹ́jú-àáyá kí o tó ro ohunkóhun pọ̀:

```
0.36 km = 360 m
ọ̀nà   = 240 + 360 = 600 m
eré    = 72 × 1000 ÷ 3600 = 20 m/s
àkókò  = 600 ÷ 20 = 30 s
```

Ìdí tí a fi ń fi 3.6 pín km/h kó tó di m/s nìyẹn: 1000 mítà ló wà nínú kìlómítà kan, 3600 ìṣẹ́jú-àáyá ló wà nínú wákàtí kan. Má kàn há 3.6 sórí o, torí ọjọ́ tí o bá gbàgbé bóyá pípín ni tàbí ìlọ́po, inú wàhálà lo wà.

Ìbéèrè 2. *Awakọ̀ kan gbéra ní ìlú P ní aago 6:45 àárọ̀, ó dé ìlú Q ní aago 8:33. Ọ̀nà náà jẹ́ 126 km. Kí ni eré rẹ̀ ní km/h?*

Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 48 ni, o gbà á, o wá kọ 1.48. Ibẹ̀ ni 85.1 rẹ ti wá. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló wà nínú wákàtí, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. 48 ÷ 60 = 0.8, nítorí náà àkókò jẹ́ wákàtí 1.8, eré sì jẹ́ 126 ÷ 1.8 = 70 km/h.

Ìbéèrè 3. *Gíráàfù yìí fi ìrìn Kúnlé lórí kẹ̀kẹ́ láti ilé lọ sọ́jà àti àbọ̀ rẹ̀ hàn. (i) Kí ni eré rẹ̀ ní àlọ, ní km/h? (ii) Kí ni àròpín eré rẹ̀ fún gbogbo ìrìn náà?*

Èyí ló le jù, torí kò sí òṣùwọ̀n kankan nínú ọ̀rọ̀ ìbéèrè ju km/h lọ. Fẹ fọ́tò náà lójú: lẹ́tà kéékèèké tó wà lábẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ kà pé «min». Ìlà gíráàfù gòkè láti 0 dé 6 km ní ìṣẹ́jú 20, ó dúró gbọọrọ títí di ìṣẹ́jú 35, ó sì padà sí 0 ní ìṣẹ́jú 60.

6 ÷ 20 = 0.3, bí o ṣe ṣe é. Àmọ́ kìlómítà fún ìṣẹ́jú kan ni 0.3 yẹn. Bó bá jẹ́ 0.3 km/h ni, 300 mítà péré ni Kúnlé fi wákàtí kan gbáko gùn, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn yóò sì kọjá lára rẹ̀. 0.3 × 60 = 18 km/h.

Fún (ii), má ro 18 pọ̀ mọ́ eré àbọ̀ (14.4) kí o fi 2 pín in. Àkókò tó fi dúró lọ́jà náà wà nínú ìrìn. Gbogbo ọ̀nà jẹ́ 12 km, gbogbo àkókò jẹ́ wákàtí 1: 12 km/h.

Máa fi ìdáhùn rẹ wé ohun tí ojú ti rí. Ní 2022 ní Eugene, Tobi Amusan fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá 100 mítà tòun ti fífo igi, bí 29.7 km/h nìyẹn. Bí ìṣirò rẹ bá sọ pé ọmọ iléèwé fẹsẹ̀ rìn ní 45 km/h, padà lọ wo òṣùwọ̀n.

Ṣe èyí kí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ òní: *Ọ̀kadà kan sáré 15 m/s fún ìṣẹ́jú 40. Báwo ni ọ̀nà tó rìn ṣe jìn tó?* Ìlà tó wà lókè ojú ìwé náà, tí o gé kúrò nínú fọ́tò rẹ, kà pé kí gbogbo ìdáhùn tó bá jẹ́ ọ̀nà wà ní kìlómítà. Bí o bá rí 600, o ti tún já sínú pàkúté. 36 ni mò ń retí.